Ẹ fi ìdá márùn-ún bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ogún kílò bẹ̀rẹ̀
Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ dín ìwọ̀n ara yín kù, ẹ ṣírò ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí ẹ wà báyìí, kí ẹ fi ìyẹn nìkan ṣe àfojúsùn àkọ́kọ́. Ẹni tó wọn kílò 96, nǹkan bíi kílò 5 ni tirẹ̀. Ìdajì kílò sí kílò 1 lọ́sẹ̀ ni kò léwu, nítorí náà yóò gbà á tó ọ̀sẹ̀ 5 sí 10. Kílò 5 yẹn lè kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti tó láti mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ ẹni sì máa ń tètè tó o. Tó bá ti pé, ẹ tún ìdá márùn-ún míì ṣírò. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàn yín o: kílò 2 lè lọ lẹ́ẹ̀kan, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ohun tó ń lọ bá ṣì ń ju kílò 1 lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣan ara lè máa bá ọ̀rá lọ, òkúta sì lè dì sínú àpò òróòro. Ètò ìdínkù yìí kò sí fún aláboyún. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà, torí ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù bí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò dín.