Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wo òṣùpá kí wọ́n tó gbin àgbàdo

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá oko ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ níbí, tó ti fowó ra irúgbìn, tí òjò ti rọ̀, síbẹ̀ tó káwọ́ gbera, ó ní òun ń retí oṣù.

Èkíní: ẹ má ṣe jẹ́ kí irúgbìn jókòó sínú àpò nígbà tí ilẹ̀ ti tutù. Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún kan, òjò ńlá méjì rọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Mo ti ra kílò 10 irúgbìn fún ìdajì hẹ́kítà. Mo sọ fún bàbá tí oko wa jọ pààlà pé mo fẹ́ gbìn lọ́la.

"Ọmọ mi, má tíì gbìn ín. Oṣù ń lọ sókùnkùn. Dúró kó lé."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni oṣù ń ṣe fún àgbàdo?"

"Ṣé o kì í rí omi òkun ni? Òṣùpá ló ń fà á. Èyí tó ń fa òkun kò wá ní lè fa omi inú ilẹ̀ sókè fún irúgbìn?"

Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ọjọ́ 11 ni mo fi dúró, òjò ò sì kán. Nígbà tí oṣù lé, mo gbìn sínú ilẹ̀ tó ti gbẹ. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ka ihò 100 lórí ìlà kan: 41 péré ló hù. Mo fi àdá tú àwọn tó kù. Àwọn kan ṣì le gbagidi bí ìgbà tí mo mú wọn nínú àpò. Èèrà ti jẹ inú àwọn mìíràn, èèpo nìkan ló kù. Mo tún irúgbìn rà.

Mo padà lọ bá bàbá.

"Bàbá, àwọn apẹja mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún jù lóṣù: nígbà àrànmọ́jú, àti nígbà tí òṣùpá kò sí lójú ọ̀run rárá. Bó bá jẹ́ fífà yẹn ni, ìgbà òkùnkùn tí ẹ ní ká yẹra fún yẹ kó dára bíi ti àrànmọ́jú."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Tí a bá dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí ọ̀nà 400,000, ìdá kan ṣoṣo ni ti àrànmọ́jú. Irúgbìn sì wà lábẹ́ ilẹ̀."

Mo ṣàlàyé pé òkun ń ru nítorí pé ó tóbi: òṣùpá ń fa apá ayé tó kọjú sí i ju apá kejì lọ. Nínú ebè tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń di omi mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Fàlẹ́ńṣíà ní Sípéènì yẹ ohun tí wọ́n ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó dúró.

Èkejì: ẹ má fi òṣùpá ka ìgbà òjò. Bàbá ní, "Àwọn bàbá wa fi oṣù ka ọdún, ebi ò pa wọ́n." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ààwẹ̀ Ràmàdáánì: ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú. Òjò kì í bá a lọ.



Èyí tó tún kù ni kéèyàn fi ìkórè ẹ̀ẹ̀kan ṣe ẹ̀rí. "Èmi gbìn nígbà tí oṣù lé lọ́dún yẹn, tèmi hù dáadáa," ni bàbá wí. Ó hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n akúrò ni tiwọn, ẹ̀bá omi, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tètè gbẹ. Tèmi wà lórí òkè.

Ohun tí mo ń wò báyìí kò ju èyí lọ: mo gbẹ́lẹ̀ jìn tó ìka kan, mo bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, mo fún un lọ́wọ́. Bó bá ṣù pọ̀ tí omi kò sì kán, tí òjò sì ti ń tẹ̀lé ara wọn, mo gbìn.

Bàbá kò tíì gbà. A wá fẹnu kò pé a ó rọ erùpẹ̀ kan náà sínú ọ̀rá 20 lábẹ́ ibòòji. Ìgbà mẹ́rin lóṣù, a ó gbin irúgbìn márùn-ún sínú ọ̀rá márùn-ún, ìwọ̀n omi kan náà ni a ó máa bu sí gbogbo wọn, a ó sì ṣe é fún oṣù mẹ́fà, torí oṣù kan lè tanni. Bàbá ti mú ife tí a ó fi máa wọn omi wá láti ilé. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni yóò máa bu omi náà.