Eyín tó ń ta nígbà tí a bá tú u sílẹ̀: bí wọ́n ṣe rí ibi tó sán

Ìrora eyín mi kò jọ ti kòkòrò rárá. Mo lè jẹ àmàlà àti ẹ̀wà fún ọjọ́ púpọ̀ láìmọ̀ pé eyín kankan ń ṣe mí. Àfi tí mo bá fi apá òsì jẹ àgbàdo sísun, tàbí tí mo bá fọ́ orógbó, ni ó máa ta mí lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ti lọ kí n tó pariwo. Tí mo bá tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì láti dán an wò, ó lè má dùn mí mọ́. Èyí ló jẹ́ kí àwọn ará ilé máa wò mí bí ẹni tó ń ṣàwàdà.

Níbi tí mo ti ń ránṣọ ní Lágéré, oníkálukú ló ní oògùn tirẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, òmíràn ní kòkòrò ni. Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ya ẹ́síréè, wọ́n ní eyín náà mọ́, kò ní ihò, wọ́n sì fún mi ní oògùn ìrora. Oògùn ìrora wo ló fẹ́ bá ìrora tí kì í pé ìṣẹ́jú-àáyá kan jà?

Kí n tó lọ sí ibòmíràn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń wọn aṣọ àwọn oníbàárà: ohun tí mo jẹ, apá tí mo fi jẹ ẹ́, àti ìgbà tó ta mí gan-an. Ohun tí ìwé náà fi hàn mí ni pé kì í ṣe ìgbà tí mo bá ń tẹ eyín mọ́ nǹkan ló ń ta jù, ìgbà tí mo bá ń tú u sílẹ̀ ni. Omi tútù náà máa ń ta á díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n fi ìka tọ́ eyín náà, mi ò lè sọ bóyá èyí ni tàbí èkejì rẹ̀.

Dókítà eyín tó gbà mí lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, kọ́kọ́ ka ìwé náà. Ó ní, "Màmá, ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́." Ó ní ó dà bíi pé eyín kan ti sán, àti pé láti 1964 ni oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Cameron ti fún irú àìsàn yìí lórúkọ láàárín àwọn dókítà eyín.

Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi ń lọ tó ń bọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé lábẹ́ awọ líle funfun tó bo eyín, apá kan wà tó kún fún ihò tín-ín-rín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí omi díẹ̀ wà nínú wọn, tí wọ́n sì lọ títí dé mùdùnmúdùn eyín níbi tí iṣan wà. Tí eyín bá sán, apá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán máa ń ya díẹ̀ nígbà tí nǹkan líle bá tẹ̀ wọ́n. Tí a bá tú u sílẹ̀, wọ́n á padà pàdé lójijì, omi inú àwọn ihò yẹn á sì sáré. Eré omi yẹn ni iṣan ń gbọ́. Bí omi bá ti dúró, ìrora ti tán. Oúnjẹ rírọ̀ ń pín ìwúwo rẹ̀ ká gbogbo orí eyín, nítorí náà apá méjèèjì kì í yà. Ó dìgbà tí nǹkan kékeré tó le bá bọ́ sí orí góńgó kan ṣoṣo nínú àwọn tó yọ sókè lórí eyín, ní ìhà tó ṣí ibi tó sán náà. Ìdí nìyí tí àgbàdo kan ṣe ń ta mí tí èkejì kì í ta mí.

Ó ní ẹ́síréè kì í sábà rí i, nítorí pé iwájú sí ẹ̀yìn ni eyín ńlá sábà ń sán sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ahọ́n sì ni ẹ́síréè ń gbà kọjá. Bí ẹni to aṣọ méjì lé ara wọn tó wá ń wò wọ́n láti òkè ni. Kò lè rí àlàfo tó wà láàárín wọn.

Ó mú ọ̀pá oníke kékeré kan tí orí rẹ̀ ní kòtò díẹ̀. Ó gbé kòtò náà lé góńgó eyín kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, màmá. Ó tó. Ẹ tú u sílẹ̀ lójijì." Ó ń wo ojú mi, kì í ṣe eyín. Ó gba gbogbo eyín òkè àti ìsàlẹ̀ apá òsì bẹ́ẹ̀, títí dé eyín ńlá kejì ní ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi irin dí láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́bìnrin. Góńgó mẹ́ta kò ṣe nǹkan kan. Lórí ìkẹrin, ní ìhà ahọ́n, bí mo ṣe tú u sílẹ̀ ni mo di apá àga mú. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá a lójú, mo sì fẹ́ẹ̀ gé e níka.

Lẹ́yìn náà ló pa iná yàrá, ó fi tọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan sí ẹ̀gbẹ́ eyín náà. Ìmọ́lẹ̀ náà kọjá nínú eyín títí dé ibì kan, ó sì dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́, òdìkejì ṣókùnkùn. Ó fi dígí hàn mí. Ó tún tan án sí eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó ní ìlà kan tí mo ti ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kọjá láìdúró. Ó ní irú èyí kò ju awọ òkè lọ, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní in, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ohun tí tọ́ọ̀ṣì kò lè sọ ni bó ṣe jìn tó. Ó fi ọ̀pá tí wọ́n fàmì mílímítà sí wọn ẹran ìdí eyín náà yípo. Mílímítà kan sí mẹ́ta ni ibi tó dára máa ń jìn. Tó bá jẹ́ pé níbi kan ṣoṣo ló jìn lójijì, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì jìn, ó ṣeé ṣe kí sísán náà ti dé gbòǹgbò, eyín bẹ́ẹ̀ sì lè di yíyọ. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi nǹkan tútù kàn án: ó ta, ó sì kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká ní ó ń dùn lọ lẹ́yìn tó mú nǹkan tútù náà kúrò ni, ó ní iṣan inú rẹ̀ ti ń wú nìyẹn, wọ́n á sì ní láti yọ iṣan náà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ akúnilára, ó yọ irin àtijọ́ náà kúrò, ó fi aró búlúù kùn ún, ó sì fọ̀ ọ́. Ìlà búlúù kan ṣẹ́ kù láti iwájú sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ góńgó tó ta mí, ṣùgbọ́n kò gba àárín ilẹ̀ inú eyín kọjá.

Kò gbé adé, ìyẹn ìbòrí líle tí wọ́n máa ń fi bo orí eyín, lé e lọ́jọ́ náà. Ó fi ọ̀já irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí eyín náà ká, ó fi símẹ́ńtì eyín lẹ̀ ẹ́, ó ní kí n lọ máa jẹun. Tí ìrora bá dáwọ́ dúró, ẹ̀rí nìyẹn pé yíyà tí apá méjèèjì ń yà ló ń fà á. Tí kò bá dúró, iṣan ló kù ká wò. Mo fi àgbàdo dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kejì, kò ta. Nígbà tí mo padà lọ ló wá ṣe adé tó bo gbogbo góńgó rẹ̀, kí wọ́n lè máa tẹ̀ pọ̀.

Adé kì í lẹ ibi tó sán pọ̀, ó kàn ń dì í mú ni. Nínú àwọn eyín bẹ́ẹ̀, àwọn kan ṣì máa ń nílò yíyọ iṣan lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nítorí náà ó ní kí n tètè wá bí omi tútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí pẹ́, tàbí bí eyín náà bá ń dùn mí lóru láìjẹ nǹkan. Orógbó ní tiẹ̀, mo ti ń fi ọmọ odó fọ́ ọ.