Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Sọ Lẹ́kíṣọ̀ Di Ojú Ìwé Kan

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọmọ àbúrò mi ṣe ìdánwò ìtàn nígbà tó gbé ojú ìwé kan wá bá mi ní Àgbowó. Wákàtí méjì ni olùkọ́ wọn fi sọ̀rọ̀ lórí Ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà. Ọmọ náà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, ó sanwó fún ẹnì kan láti tẹ̀ ẹ́, ó sì di ojú ìwé méjìdínlógún. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ṣe é di ẹyọ kan yìí. Ó mọ́ tónítóní, àmọ́ bí mo ṣe ń kà á, mo rí i pé lẹ́kíṣọ̀ yẹn náà ni, wọ́n kàn gé e kúrú ni.

Àṣìṣe tó ń ṣèpalára jù nìyẹn: kéèyàn tò ó bí ó ṣe jáde lẹ́nu olùkọ́. Olùkọ́ ń sọ ìtàn kí ó lè yé èèyàn. Ẹni tó ń ṣètò ìdánwò kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ìdajì òkè ojú ìwé ọmọ yìí ló fi sọ pé ìró ìbọn ńlá ni wọ́n fi pe ogun náà ní Kírìjì, àti bí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ṣe pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣàkóso ìlú, ní 1878. Ìtàn dídùn ni, olùkọ́ sì pẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa. Ìdí tí ogun fi gba ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 sí 1893, wà ní ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ pátápátá.

Mo ní kó mú ìbéèrè ìdánwò ọdún márùn-ún sẹ́yìn wá, a sì fi bírò máàkì wọn. Ìdí tí ogun fi pẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ipa ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú àlàáfíà jáde lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó fa ogun jáde lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò béèrè ìdí orúkọ Kírìjì rí. Iye yẹn ló yẹ kó pinnu ohun tó máa wà lókè. Ìṣẹ́jú tí olùkọ́ lò lórí nǹkan kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ olùkọ́ tuntun ló máa ṣètò ìdánwò lọ́dún yìí ṣá, ẹ má fọkàn tán ìbéèrè àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ tẹnu mọ́ ló yẹ kó wúwo jù.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mìíràn ti wọlé. Bí a bá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, àsọtúnsọ la kọ́kọ́ ń pa rẹ́, bẹ́ẹ̀ àsọtúnsọ ni àmì pé ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì lójú olùkọ́. Nínú ojú ìwé méjìdínlógún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni olùkọ́ sọ pé, “Ìwé àdéhùn 1886 kò tú àwọn ọmọ ogun ká pátápátá.” Ọmọ wa pa ẹ̀ẹ̀mejì rẹ́, ó sì sọ ẹ̀kẹta di “1886: àdéhùn àlàáfíà.” Ó ti sọ ọ́ di òdìkejì ohun tí olùkọ́ ń sọ. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó ti sọ nǹkan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ má sì gba ohun tí wọ́n tẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo bá “ọmọ ogun Ìjàyè” pàdé nínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, àwọn tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà. Ìjàyè ti fọ́ láti 1862, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ogun yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni olùkọ́ pè, etí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni kò mú un. Bí orúkọ àti ọdún kò bá bára mu, ẹ padà lọ gbọ́ ohùn.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ inú ìbéèrè náà ṣe kókó. “Ṣàlàyé ohun tó fa ogun” yàtọ̀ sí “Ṣé ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ nìkan ló fa ogun? Jíròrò.” Èkejì ń fẹ́ apá kejì ọ̀rọ̀, pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, kò sì rọrùn fún un láti rí ìbọn àti ẹ̀tù rà. Ojú ìwé tó bá kọ “ìwà ajẹ́lẹ̀” nìkan kò lè dáhùn rẹ̀.

Nígbà tí a tún un tò, ìlà òkè pátápátá ni: “Ogun pẹ́: àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, Ìbàdàn ń jà lójú ogun tó ju ẹyọ kan lọ.” Fábùnmi lọ sísàlẹ̀, ó gba ìlà kan.

Mo wá ní kó dojú ìwé náà bolẹ̀, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dáhùn ìbéèrè tó jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń kọ ọ́ lọ geere títí dé 1886, ó sì dúró. Kò rántí ìdí tí àwọn ọmọ ogun kò fi túká pátápátá. A padà sí àkọsílẹ̀ gígùn, a rí i níbẹ̀, a sì fi kún ìlà kejì: “Wọn ò fọkàn tán ara wọn, ogun láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin ní Ọ̀fà ṣì ń lọ.”