Bí mo ṣe ya ààlà ilẹ̀ lórí máàpù íńtánẹ́ẹ̀tì fún sọfeyọ̀

Sọfeyọ̀ tó fẹ́ bá mi wọn ilẹ̀ ló ní kí n kọ́kọ́ fi ibi tí ilẹ̀ náà wà ránṣẹ́ kó tó gbéra. Èmi náà bá ya sikirinṣọ́ọ̀tì máàpù, mo fi ọwọ́ fa ìlà pupa yí ilẹ̀ ká, mo fi ránṣẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Kò pẹ́ ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò lẹ fi ránṣẹ́ yìí o, kò sí nọ́ńbà kankan nínú ẹ̀, ibo ni kí n gbé e sí? Ẹ jọ̀ọ́, KML ni mo fẹ́." Mo ní ó dáa, àṣé mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ KML.

Fáìlì lásán ni. Igun ilẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lọ́ńgítíúdì àti látítíúdì tiẹ̀, tí sọfeyọ̀ bá ti ṣí i, ìlà náà á bọ́ síbi tó yẹ kó wà láyé. Ìkànnì geojson.io ni mo lò, kò gba owó, kò ní kéèyàn forúkọ sílẹ̀. Mo wá ilẹ̀ náà rí, mo yí máàpù sí `Satellite`, mo sún un mọ́ra títí mo fi rí fẹ́ǹsì aládùúgbò dáadáa, mo wá mú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya pọ́ligọ́nù, ìyẹn àwòrán onígun tí ìlà ẹ̀ yí ká tó sì padé. Lórí láptọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù, ìka mi ń bo gbogbo igun mọ́lẹ̀.

Béèyàn ṣe ń tẹ igun yẹn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń rìn yí fẹ́ǹsì ká, tẹ́ ẹ bá dé ìparí kẹ́ ẹ padà tẹ igun àkọ́kọ́ kó lè padé. Nígbà àkọ́kọ́ mo fo láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i ní ìdakejì, ni ìlà bá gba orí ara wọn kọjá, ó wá rí bí ìyẹ́ lábalábá. Ohun tó fi yé mi pé nǹkan ti bàjẹ́ ni pé nígbà tí mo tẹ àárín ẹ̀ láti wo ìwọ̀n ilẹ̀, nọ́ńbà tó jáde kéré gan-an, ilẹ̀ tó jẹ́ 30 mítà sí 18 mítà lórí ìwé, tó yẹ kó tó 540 mítà onígun mẹ́rin. Mo pa á rẹ́, mo tún un yà, ó wá gbé nǹkan bíi 535 jáde. Ìyẹn bá ìwé mu tó.

Nǹkan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lójú ẹ̀rọ náà nìyí (mo ti yí nọ́ńbà yẹn díẹ̀ o, mi ò lè tú ilẹ̀ onílẹ̀ síta):

```json
[[3.641020, 7.213140],
 [3.641018, 7.212980],
 [3.641290, 7.212988],
 [3.641292, 7.213150],
 [3.641020, 7.213140]]
```

Igun mẹ́rin ni ilẹ̀ ní ṣùgbọ́n ìlà nọ́ńbà márùn-ún lẹ rí, torí igun àkọ́kọ́ padà wá ní ìparí láti ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ má pa á rẹ́. Ohun kejì, lọ́ńgítíúdì ló ṣáájú níbẹ̀, látítíúdì tẹ̀lé e, òdì sí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń pè é lẹ́nu. Èmi kọ́kọ́ fọwọ́ kọ àwọn nọ́ńbà yẹn sínú ìwé kan, mo fi látítíúdì ṣáájú, mo wá tún wọn tẹ̀ padà bẹ́ẹ̀, ni ilẹ̀ mi bá fò bọ́ sínú òkun, omi lásán, kò sí erékùṣù kankan nítòsí. Ìyẹn gan-an sàn o, torí omi ò lè fara pamọ́. Tó bá jẹ́ ibi tí nọ́ńbà méjèèjì ti sún mọ́ra, ó lè bọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíì, ẹ ò ní tètè fura.

Ibi tó wá jẹ mí lákòókò jù nìyí. Mo ti fi pamọ́ tán, mo ní kí n ṣí i nínú máàpù mìíràn tó ń lo fọ́tò mìíràn, kí n kàn rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Hàà! Gbogbo pọ́ligọ́nù ti sún sí apá ìlà oòrùn, ó ti gun ojú títì, bíi mítà mẹ́rin. Mo rò pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Mo wo igun kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé gbogbo wọn ló sún bákan náà, ìwọ̀n kan náà, apá kan náà. Tó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ṣìṣe, igun kan tàbí méjì ló máa yà kúrò, àwọn tó kù á dúró. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ṣí nípò lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́tò ló fà á. Láti òkè ọ̀run ni wọ́n ti ń yà á, nígbà míì ó máa ń jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á wá nà án kó lè bá ilẹ̀ mu, nínà yẹn ò sì pé délẹ̀délẹ̀, nítorí náà fọ́tò méjì lè gbé ilé kan ṣoṣo sí ibi méjì. Ìdí nìyẹn náà tí òrùlé ilé gíga fi máa ń dà bí ẹni pé ó dẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ orí ẹ̀.

Mo fẹ́ fà á padà kó bá fọ́tò kejì mu, mo wá rò ó pé èwo nínú méjèèjì ló tọ̀nà? Mo pe sọfeyọ̀. Ó ní, "Ẹ má fà á rárá. Ẹ kàn sọ fún mi fọ́tò tẹ́ ẹ yà á lé lórí, kẹ́ ẹ sì sọ igun tẹ́ ẹ rí pẹ̀lú ojú yín àti èyí tẹ́ ẹ méfò." Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí, torí igun kan wà lábẹ́ igi, mi ò rí ilẹ̀ ibẹ̀ rárá, mo kàn fa ìlà méjì títí wọ́n fi pàdé ni. Mo bá fi àmì kan sí igun kọ̀ọ̀kan, mo sọ wọ́n ní A, B, C, D, mo kọ ọ́ sí ti D pé "mo méfò, igi bò ó". Nọ́ńbà mẹ́fà ni mo jẹ́ kó wà lẹ́yìn àmì ìdá, èyí tó kù kàn ń ṣe fáàrí ni, torí ìkẹfà yẹn fúnra ẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, fọ́tò tó ń sún mítà mẹ́rin ò lè mọ irú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ sí `Save`, mo mú `KML`, mo sì tún mú `GeoJSON`, irú fáìlì tí àwọn nọ́ńbà òkè yẹn wà nínú ẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, mo pa gbogbo ẹ̀ dé, mo tún ṣí fáìlì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè rí ohun tí sọfeyọ̀ máa rí. Ó wà níbẹ̀, igun mẹ́rin, àkọsílẹ̀ mi wà lára ẹ̀. Mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ tó dé orí ilẹ̀, ó ti gbé fáìlì náà sínú ẹ̀rọ ẹ̀, ìyẹn ló fi tọ̀ wá tààrà láìpè mí ní ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò fi wọn ilẹ̀ o, òpó síménti tó wà nílẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Igun A, B àti C tèmi fi bíi mítà méjì sí mẹ́ta yà kúrò níbi òpó. Ti D tó wà lábẹ́ igi, mítà mẹ́fà. Ó wo àkọsílẹ̀ tí mo kọ síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣáà sọ fún mi pé ẹ méfò."