Bí A Ṣe Ń Dá Àwòrán Tí Wọ́n Fọwọ́ Kùn Mọ̀ Yàtọ̀ sí Èyí Tí Ẹ̀rọ Tẹ̀

Àwòrán Tutù, èyí tí ayàwòrán Ben Enwonwu ya Adétutù Adémilúyì, ọmọbabìnrin Ilé-Ifẹ̀, wà lára ògiri ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni olóògbé Enwonwu kùn ún. Lọ́dún 2018 ni wọ́n ta ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Lọ́ńdọ̀nù ní iye tó ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú ẹrù àwọn òbí yín, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí.

Ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ dígí, kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé lọ́sàn-án. Gíláàsì kékeré tí àwọn atúnagogoṣe ń fi sójú, tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, ni mo fẹ́ràn jù; bí kò bá sí, ẹ dorí awò awọ̀nàjíjìn kodò, kí ẹ fi ẹnu ńlá rẹ̀ sójú, kí ẹnu kékeré rẹ̀ sì sún mọ́ àwòrán pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí àwọ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tótòtó tó tò yípo bí òdòdó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fọ́n káàkiri bí ìyẹ̀fun, ẹ̀rọ tó ń tu íńkì ni. Ẹ wo ìbuwọ́lùwé náà bákan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí kánfáàsì, tí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì fa oje tó mọ́ gaara lé lórí. Ọwọ́ kan ibi tó ga, wọ́n ti ní ojúlówó ni. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ojú àwòrán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ṣé ibi tó ga àti àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ jọ ń rìn? Bí wọ́n bá fọwọ́ kùn ún, ọ̀dà tó ga ló ń gbé àwọ̀ ara rẹ̀, níbi tí ó bá parí sí ni àwọ̀ náà sábà máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n oje lásán a máa gba orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá sí ẹ̀yìn orí láì bìkítà fún ààlà wọn, gíláàsì yóò sì fi àmì tótòtó hàn yín lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi abẹ họ ọ́, ẹ má sì fi kẹrosíìnì nù ún láé. Mo ti rí i tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ gidi jẹ́.

Ti orí ìwé yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé títẹ̀ gan-an ni ojúlówó irú iṣẹ́ tí ayàwòrán Bruce Onobrakpeya ń gbẹ́ sára irin kí ó tó fi íńkì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àmì tótòtó ẹ̀rọ kì í sí nínú irú rẹ̀. Etí irin máa ń rì sínú ìwé ní àyíká àwòrán, ìlà íńkì rẹ̀ sì máa ń ga díẹ̀ bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Nọ́ńbà ẹ̀dà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sísàlẹ̀ kò tó ẹ̀rí, torí a lè kọ ọ́ sórí ẹ̀dà ẹ̀rọ pẹ̀lú.

Bí gbogbo èyí bá fi hàn pé wọ́n fọwọ́ kùn ún, kò tíì sọ ọwọ́ ẹni tó kùn ún, nítorí pé ayàwòrán mìíràn lè fi búrọ́ọ̀ṣì da Tutù kọ. Ìwé ìrajà àti orúkọ àwọn tó ti ni ín rí ni kí ẹ wá jọ, kí ẹ tó gbé e lọ bá onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ Enwonwu dáadáa.