Bí mo ṣe kọ lẹ́tà tí mo fi bẹ mánẹ́jà wa fún ìnfátà

Ìnfátà kan fún ọ́fíìsì iwájú ni mo fẹ́ kí wọ́n rà, kí jẹnẹrétọ̀ lè máa sinmi. Kí n tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, mo kọ́kọ́ wádìí ẹni tí yóò fọwọ́ sí owó náà. Ní ilé iṣẹ́ wa, ohun tó bá ti ju ₦500,000 lọ kò sí lọ́wọ́ mánẹ́jà mọ́, ọ̀dọ̀ akáǹtánì ló ń lọ. Nítorí náà, mánẹ́jà ni mo kọ lẹ́tà sí, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ kí ẹni tí kò bá wa sọ̀rọ̀ rí lè kà á kó sì yé e. Lẹ́tà tí wọ́n bá ṣì ní láti fi ẹnu túmọ̀ kì í kọjá tábìlì àkọ́kọ́.

Ẹ̀rí ló gba àkókò jù. Mo gba ìwé epo lọ́wọ́ ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, mo sì fi í wé àwọn rìsíìtì epo, oṣù kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀. Ibi tí ìwé àti rìsíìtì kò bá ti bára mu, rìsíìtì ni mo tẹ̀ lé, nítorí òun nìkan ni akáǹtánì lè yẹ̀ wò. Nínú oṣù mẹ́ta tí mo kó jọ, èyí tí epo ti kéré jù ni mo lò. Ó ń wu èèyàn láti mú oṣù tó burú jù, àmọ́ bí akáǹtánì bá fi lè rí iye kan tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní gba ìyókù gbọ́. Oṣù tó kéré jù yẹn jẹ lítà 110. Ní ₦900 lítà kan, ó di ₦99,000. A fi ₦12,000 tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì kún un, gbogbo rẹ̀ di ₦111,000.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń bàjẹ́: wọn á ní gbogbo ₦111,000 náà ni yóò padà sápò. Irọ́ ni. Ìnfátà tí mo bèèrè kò lè gbé ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá, bí iná kò bá sì wá látàárọ̀, bátìrì yóò tán. Mo kọ èyí sínú lẹ́tà fúnra mi kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, mo sì yọ owó rẹ̀: epo lítà 20 tí jẹnẹrétọ̀ yóò ṣì máa jẹ lóṣù (₦18,000), iná tí a ó fi máa ṣáàjì bátìrì (₦3,000), àti ìdajì owó ọ́ìlì (₦6,000). Ohun tó kù jẹ́ ₦84,000 lóṣù. Ìwé iye owó olùtajà, pẹ̀lú owó iṣẹ́, jẹ́ ₦1,092,000, nítorí náà oṣù 13 ni yóò fi san ara rẹ̀. Iye oṣù yẹn gan-an ni akáǹtánì ń wá.

Ti mánẹ́jà yàtọ̀. Kì í ṣe òun ló ń san owó epo. Oníbàárà tó dúró tì í nígbà tí iná lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú ló ń dùn ún. Mo kọ gbólóhùn méjì lórí èyí. Ariwo àti èéfín, tó jẹ́ pé àwa òṣìṣẹ́ ló ń dà láàmú jù, mo fi gbólóhùn kan ṣoṣo sí ìparí.

Ẹ̀bẹ̀ náà fúnra rẹ̀ wà lókè, lẹ́yìn ìkíni, kò sì ju báyìí lọ: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín kí ẹ bá wa fọwọ́ sí ₦1,092,000 fún ìnfátà àti bátìrì ọ́fíìsì iwájú, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akáǹtánì kí ó tó di ọjọ́ 28 oṣù yìí, torí pé ọjọ́ 30 ni iye tí olùtajà kọ fún wa yóò yí padà.” Ó hàn nínú rẹ̀ ohun tí a fẹ́, iye rẹ̀, ìgbésẹ̀ tí ọ̀gá máa gbé, àti ìdí ọjọ́ náà. Wọ́n rọ̀ mí pé kí n fi fáànù tuntun mọ́ ọn, mo kọ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ bá di méjì, èyí tó rọrùn ni wọn yóò ṣe, wọn á sì gbà pé àwọn ti dáhùn.

Ojú ìwé kan ni lẹ́tà náà. Rìsíìtì àti ìwé olùtajà ni mo so mọ́ ọn lẹ́yìn. Kí n tó fi sílẹ̀, mo kọ́kọ́ lọ bá mánẹ́jà ní ọ́fíìsì wọn, mo sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu. Mi ò fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí akáǹtánì fúnra mi, torí pé ìyẹn yóò dà bíi pé mo fò wọ́n dá. Nígbà tí wọ́n ní “a ó wò ó”, mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin sà, ṣé kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, àbí ìwé kan ṣì kù tí ẹ fẹ́?” Ìwé ló kù: wọ́n ní kí n mú iye owó olùtajà kejì wá.