Páálí tòmátò tí wọ́n tún ọjọ́ rẹ̀ tẹ̀

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Páálí kan ṣoṣo, ti tòmátò alágolo ńlá tí àwọn alásè máa ń lò, ló jẹ́ kí n sanwó lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìkómọjáde ọmọ àbúrò mi. Alàájà tó ń tà á ní òun kì í jẹ́ kí wọ́n já páálí láìsanwó. Mo fowó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ó rí i pé ó wọlé, ìgbà yẹn ló tó na ọ̀bẹ sí mi.

Agolo mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ orí àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agolo tó dára kì í mira tí a bá tẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ a máa tẹ̀ sínú díẹ̀. Méjì nínú wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe tẹ orí wọlé, ìdí yọ síta, ó dún “pọ́”. Gáàsì ló wà nínú ìyẹn.

“Ooru ni, ọmọ mi,” Alàájà wí.

Mo ní, “Ẹ mà jọ̀ọ́ mà, oòrùn kan náà kọ́ ló pa mẹ́rin tó kù?”

Tòmátò máa ń kan lẹ́nu. Bí ọ̀dà tí wọ́n fi kun inú agolo bá bó, ìkan rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin, gáàsì á sì jáde. Ó sì lè jẹ́ kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èèyàn ò lè dúró níta kó mọ èyí tó jẹ́, nítorí náà mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí agolo tó wú. Ti ẹja, ẹ̀wà àti àgbàdo alágolo tún burú jù: májèlé tí kòkòrò kan ń ṣe nínú wọn lè má rùn, kó má sì yí adùn padà. Ẹ má tọ́ ọ wò láti fi mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló wá gba gbogbo ọ̀sán wa. Ní ẹ̀gbẹ́ páálí, wọ́n kọ EXP 08/2024. Lórí agolo, EXP 08/2026. Ọdún 2025 la wà nígbà náà! Alàájà ní páálí àlòkù ni wọ́n kó ọjà sí. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, torí náà mi ò tíì pariwo.

Mo gbé agolo kan sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, mo fi kámẹ́rà fóònù fa nọ́ńbà náà tóbi. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń tẹ ọjọ́ sára agolo máa ń to àwọn àmì kékeré-kékeré jọ di nọ́ńbà ni. Èyí tí mo rí jọ òǹtẹ̀ rọ́bà, yíǹkì rẹ̀ ràn káàkiri. Lórí agolo kan ó dúró gbọọrọ, lórí òmíràn ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo wá dẹ orí agolo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí ojú ibi tí wọ́n ti nu nǹkan kúrò, ìrù nọ́ńbà 4 ṣì hàn fírífírí lábẹ́ 6. Kí ẹ wo ẹnu Alàájà!

Ó yí ohùn padà: tòmátò kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, ọjọ́ adùn lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ní òtítọ́ nínú. BB, ìyẹn “best before”, ló ń sọ ìgbà tí adùn àti ìrísí ṣì pé. Bí sùpàgẹ́tì bá kọjá BB pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ọ̀rá rẹ̀ ò ya, tí ọlọ́jà sọ fún mi tó sì dín owó, mo lè rà á. Ṣùgbọ́n EXP ni tirẹ̀, wọ́n sì nu ún.

Ìgbà tí mo ya fọ́tò, tí mo dárúkọ NAFDAC, ló dá ìdajì owó padà. Ìyókù, ó fi rìsíìtì hàn mí: ọjà tí a bá tà kò ní àdápadà. Bí mo bá tún máa ra odidi páálí, wọ́n á já a kí n tó fowó ránṣẹ́, tàbí kí n máa lọ.

Níbi tí mo ti ra èkejì, owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń tajà ló já páálí fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ara páálí bá ti agolo mu. Agolo kan tẹ̀ ní àárín ikùn, ó tẹ̀ fẹ̀ẹ̀, kò ní ìṣẹ́po mímú, mo gbà á. Òmíràn tẹ̀ ní etí òkè gan-an, níbi tí wọ́n ti pa ìdérí pọ̀ mọ́ ara. Ìyẹn ni mo dá padà, nítorí afẹ́fẹ́ lè gba ojú ìpapọ̀ yẹn wọlé. Ó pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Nígbà tí mo délé, alásè ní, “Àǹtí, ṣé tòmátò náà lẹ lọ gbìn ni?”